Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé kọ́kọ́rọ́ Wọ́sáàpù mi fún olè

Aránṣọ ni mí ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ìsọ̀ mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkàbà Ìdènà, èmi náà ni mo sì ń pa owó èsúsú mọ́ fún àwa obìnrin mẹ́tàlélógún kan ládùúgbò. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà ni kálukú ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá kàn á sì kó 115 000. Orí Wọ́sáàpù la ti ń rán ara wa létí. Tí n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló dé. Ohun tó sọ mí di ẹran dídùn lójú olè nìyẹn, mi ò sì mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní oṣù kejì ọdún 2025. Oníbàárà kan dúró níwájú mi, mò ń wọn èjìká rẹ̀, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn mi. Fóònù dún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́sùúsú wa ló kọ̀wé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kóòdù kan ṣèèṣì bọ́ sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kà á, mo nílò rẹ̀ kíákíá.” Lóòótọ́, ẹsẹmẹ́ẹ̀sì kan ti wọlé ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mi ò kà á débẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan lojú mi rí, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i, mo sì padà sídìí èjìká oníbàárà mi.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Wọ́sáàpù mi fi kọ ọ́ sójú fóònù pé nọ́ńbà mi ti wà lórí fóònù mìíràn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣeré. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ń ránṣọ lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí kóòdù yẹn jẹ́, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé ìwé lásán ni. Wọ́sáàpù kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹni. Nọ́ńbà fóònù rẹ ni orúkọ rẹ níbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn sì ni kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni lè jókòó síbikíbi, kí ó gba Wọ́sáàpù sórí fóònù tirẹ̀, kí ó sì tẹ nọ́ńbà mi sí i. Ibi tí yóò ti há ni pé orí káàdì SIM mi ni kóòdù ń já sí, ọwọ́ mi ló sì wà. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí mo gbọ́kàn lé tí yóò bá a béèrè rẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé sí mi yẹn, wọ́n ti gba tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́nà kan náà, òun náà kò mọ̀. Bí iná ọyẹ́ ló ṣe ń ràn: ilé kan jó, ó fò sórí ilé tó gbè é.

Kí olè tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó rí lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí kò rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn ìwé tí a ti kọ síra wa tẹ́lẹ̀, inú fóònù tèmi ni wọ́n wà. Kò rí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tí mo wà nínú wọn tẹ̀ lé nọ́ńbà náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti gbogbo ohun tuntun tí wọ́n bá ń sọ. Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí ló wà nínú ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú mi: ẹgbẹ́ èsúsú, ẹgbẹ́ ìdílé, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ. Àwọn oníbàárà mi tí a kò jọ wà nínú ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́ nǹkan kan. Olè mọ orúkọ mi, ó mọ àwòrán mi, ó mọ pé owó èsúsú wà. Kò mọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìwé tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, èdè Faransé ni. Ó ní nǹkan pàjáwìrì ṣẹlẹ̀ sóun, kí wọ́n bá òun fi 15 000 sórí Mómò nọ́ńbà kan, òun á dá a padà lálẹ́. Fún àwọn kan, kírédì ló tọrọ, 2 000 sẹ́fà péré. Ẹgbẹ̀rún méjì kò mú ẹnikẹ́ni ronú. Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi fẹ́ràn kírédì. Tí èèyàn bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí Mómò, orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà á jáde lójú fóònù kí onítọ̀hún tó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Nígbà tí àwọn tèmi ra kírédì sórí nọ́ńbà yẹn, kò sí orúkọ kankan tó jáde. Ó kàn lọ ni.

Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ló fi owó ńlá ránṣẹ́, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ìsọ̀ gààrí rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Bó ṣe rí ìwé náà, ohun tó yẹ ló ṣe: ó pè mí. Ìpè náà kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Ẹ mọ̀ pé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n sọ nọ́ńbà gbogbo wa ní Benin di oní-nọ́ńbà mẹ́wàá, wọ́n fi 01 síwájú oní-mẹ́jọ àtijọ́. Nọ́ńbà mi tó wà nínú fóònù Ìyá Ìbejì, ti àtijọ́ ni, kò tíì fi 01 sí i. Oṣù mẹ́ta nìyẹn! Kò sì mọ̀, torí Wọ́sáàpù la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó wá kọ̀wé sí “mi” pé òun ń pè, kò wọlé. Olè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára níbi tóun wà, ìdí nìyẹn tóun fi ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Ìyá Ìbejì tẹ owó, orúkọ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí jáde. Ó béèrè ta nìyẹn. Olè ní ẹni tó ń ṣe Mómò níbi tóun wà ni, pé owó náà á bọ́ sọ́wọ́ òun. Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. 15 000 lọ.

Ìsọ̀ mi kò ju kí ó rìn wá lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, ó dùn ún, ó sì dùn mí lẹ́yìn náà pé mo sọ ọ́. Ẹni tó ń ta gààrí lọ́wọ́ ọ̀sán kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ torí ìwé kan, àgàgà tó jẹ́ pé ó ti gbìyànjú láti pè.

Ìgbà tó pè mí lórí Wọ́sáàpù gan-an tún burú ju. Ó pè níbẹ̀ nígbà tí ìpè lásán kò wọlé, olè kò gbé e. Bí ó bá tilẹ̀ gbé e ńkọ́? Ìpè Wọ́sáàpù, ọ̀dọ̀ ẹni tí Wọ́sáàpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó ń fi Wọ́sáàpù wádìí Wọ́sáàpù ń bi olè léèrè bóyá olè ni. Ìpè lásán, èyí tó ń jẹ kírédì, òun ló ń tọ káàdì SIM wá, SIM mi kò sì kúrò lápò mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àjàṣẹ́ ni kò jẹ́ kí olè rí òun gbé ṣe. Nígbà tí ìwé Faransé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi Yorùbá dáhùn, torí èmi àti òun kò kọ Faransé síra wa rí. Olè náà gbọ́ Yorùbá. Ó dáhùn pé: “Mo wà nínú wàhálà, bá mi wá 20 000, ma fún ẹ lọ́la.” Ẹ̀gbọ́n mi ní òun wo “bá mi” àti “ẹ” yẹn títí. Èmi tí mo ń pe òun ní Ẹ̀gbọ́n, tí mo ń fi “ẹ” àti “yín” bá òun sọ̀rọ̀ láti kékeré, ìgbà wo ni mo di ẹlẹgbẹ́ òun? Kò bi olè ní ìbéèrè kankan. Ó kàn gbé fóònù, ó pe nọ́ńbà mi, ó sì wọlé, torí òun ti fi 01 sí tirẹ̀. “Ṣé ìwọ lò ń tọrọ owó?” Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ẹ” àti “o” ṣe odi ààbò o. Olè tó bá dúró ka ìwé inú ẹgbẹ́ fún wákàtí méjì á rí bí a ṣe ń pera wa. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó ti ń kọ “Ẹ jọ̀ọ́ mà” sí àwọn àgbà. Ohun tí èdè lè ṣe kò ju kó mú kí ara fu ọ́ lọ. Kò lè jẹ́rìí.

Ìbéèrè ìdánwò náà ní tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́sùúsú bi olè pé kí lorúkọ ọmọ mi àkọ́bí. Olè sọ ọ́, ó sì tọ̀nà! Mo ti fi àwòrán ọmọ náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ṣì ń kí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí olè ti wọlé. Ìyẹn fi 2 000 kírédì ránṣẹ́. Ẹlòmíràn, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ tó ti ń ránṣọ ní Pobè báyìí, bi í pé: “Àǹtí, nígbà tí mo fi áyọ́ọ̀nù jó búbá àwọn ará Ìlárá, kí lẹ ní kí n ṣe?” Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ sí, kò sí àwòrán rẹ̀, ojú àwa méjèèjì ló ṣe. Olè ní: “Ọ̀rọ̀ búbá kọ́ ló wà nílẹ̀, mo ní kí o tètè ṣe é, ṣé o fẹ́ kí n kú ni?” Ọmọ náà pa fóònù. Ó ní òun mọ̀ pé èmi á ti rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ mí. Nígbà tó jó búbá yẹn, mo ní kó lọ jẹun ná ká tó ronú.

Ẹ wo ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa. Èyí àkọ́kọ́, ìdáhùn rẹ̀ wà níbi tí olè lè kà á. Èkejì kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, tí ẹ bá ní nọ́ńbà tí ẹ lè pè, ẹ pè é. Ìbéèrè wà fún ìgbà tí ìpè kò bá ṣeé ṣe.

Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ńkọ́? Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí “n” fi ohùn ránṣẹ́. Olè fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i lóòótọ́: èyí tí mo fi sínú ẹgbẹ́ aránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, láti orí fóònù ọmọ iṣẹ́ mi, níbi tí mo ti ń pariwo pé “Ẹ gbà mí, ẹ dákun, ẹ tètè ṣe é.” Èmi ń bẹ wọn kí wọ́n yọ olè kúrò nínú ẹgbẹ́, olè gbé ẹ̀bẹ̀ mi, ó fi tọrọ owó. Títí di òní, tí mo bá rántí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ìyá àgbà kò fi nǹkan ránṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe torí pé ó fura. Kò ní owó lórí Mómò lọ́jọ́ náà ni.

Bí mo ṣe gbà á padà nìyí. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tẹ nọ́ńbà mi padà sínú Wọ́sáàpù, kí n béèrè kóòdù tuntun. Nítorí pé olè àti èmi ti béèrè kóòdù lóòrèkóòrè, Wọ́sáàpù ní kí n dúró fún wákàtí mélòó kan kó tó lè fi òmíràn ránṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú ló tó wọlé. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn sí i, ó tún béèrè nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn, èyí tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ máa ń yàn. Èmi kò yan ọ̀kan rí. Olè ló ti yàn án. Mo ní ó ti tán. Ọmọ náà ní kò tán: bí mo ṣe tẹ kóòdù ẹsẹmẹ́ẹ̀sì sí i yẹn, olè ti já bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Èmi náà kò tíì lè wọlé, ó di ọjọ́ méje kí Wọ́sáàpù tó gbà mí láìbéèrè nọ́ńbà olè. Ṣùgbọ́n òun náà kò sí nínú ilé mọ́. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tó gba ìwé mìíràn láti orúkọ mi.

Tí mo bá mọ èyí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí fóònù kọ̀wé sí mi pé nọ́ńbà mi ti wà níbòmíràn, ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́ padà ní ìṣẹ́jú kẹfà, kí olè tó ráyè béèrè kóòdù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ránṣọ lọ.

Láàárín àkókò náà, ìpè lásán ni mo fi ń kéde. Mo pe ẹni méjìlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé èsúsú tí mo fi ọwọ́ kọ. Akọ̀wé wa, tí òun náà jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ló yọ nọ́ńbà mi kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni alábòójútó, olè ì bá ti lé gbogbo ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fáwọn yòókù jáde.

Ìyá Ìbejì lọ sí ọ́fíìsì àwọn oní-Mómò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú nọ́ńbà ìsanwó tó wà nínú ẹsẹmẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Wọ́n ní olè ti fa owó náà yọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ní kọ́misáríà, ohun tí wọ́n bi wá ni àwòrán ojú fóònù tó fi ìwé olè hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà tí owó lọ sí. Ìyá Ìbejì ṣì ní gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fi 2 000 kírédì ránṣẹ́ ti fi ìbínú pa tirẹ̀ rẹ́, kò ní nǹkan kan láti fi hàn. Òfin nípa ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ wà ní Benin láti ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2018, ó sì kan irú èyí. Wọ́n kọ ẹjọ́ wa sílẹ̀. Owó kò tíì padà.

Ta ni yóò san 15 000 yẹn? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú èsúsú ká. Àwọn kan ní èmi ni, torí èmi ni mo fún olè ní kóòdù. Àwọn kan ní Ìyá Ìbejì ni, torí ó rí orúkọ ọkùnrin àjèjì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mo san 10 000 nínú rẹ̀. Lójú tèmi, kọ́kọ́rọ́ tí mo gbé fún olè wúwo ju ilẹ̀kùn tí òun kò tì lọ.

A wá fẹnu kò sórí nǹkan méjì. Nọ́ńbà Mómò kan ṣoṣo, tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé èsúsú, ni owó lè lọ sí. Bí mo bá tilẹ̀ dúró níwájú yín, kí n ní ẹ fi sí òmíràn, ẹ má fi sí i. Ẹni tí wọ́n bá sì tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò pe ẹni tó ń tọrọ, ìpè lásán, sórí nọ́ńbà inú ìwé èsúsú, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ sí i lórí Wọ́sáàpù. A jókòó sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú kan, a fi 01 sí gbogbo nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, kálukú ṣí Paramètres, Compte, Vérification en deux étapes, ó sì yan nọ́ńbà mẹ́fà tirẹ̀ kí olè tó yàn án fún un. Ìyá àgbà fẹ́ lo ọdún tí wọ́n bí i. A ní rárá.

Ọ̀nà kan wà tí èyí kò dí. Tí olè bá so Wọ́sáàpù rẹ mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fóònù rẹ kò ní kú, o lè má tètè mọ̀, olè á sì máa ka ìwé àtijọ́ pàápàá. Ìbéèrè búbá lè má ṣiṣẹ́ fún irú rẹ̀ tí ẹ bá ti kọ ọ́ síra yín rí. Abẹ́ Appareils connectés ni o ti máa rí ohun tó so mọ́ ọ, kí o sì já a. Tí olè bá sì lọ gba káàdì SIM tuntun lórúkọ rẹ, ìpè lásán náà á lọ bá a. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ kọ́ ni wọ́n máa gbọ́, fóònù rẹ náà á sì dákẹ́ láìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé ìsọ̀ Ìyá Ìbejì, mo ní kí ó fún mi ní owó ọ̀sẹ̀. Ó wò mí, ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀.

“Ẹ dúró ná,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n pè yín.”

Fóònù mi dún lápò. Mo gbé e.